Bí mo ṣe to ìwé òwe kékeré kan: òwe méjìlélógún nípa ọ̀rọ̀ ẹnu, fún ìgbéyàwó kan ní Ìyàrá

Okun o, gbogbo ilé. Àbúrò mi obìnrin ṣègbéyàwó ní Ìyàrá lọ́dún tó kọjá, àwọn ará Ìsánlú ló wá fẹ́ ẹ, wọ́n wá ní kí n ronú nǹkan tí a máa pín fún àlejò, nǹkan tí kì í ṣe ike àti táwẹ̀lì nítorí ike ti kún ilé gbogbo èèyàn. Mo ní ká ṣe ìwé òwe kékeré. Gbogbo wọn gbà, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe, èmi náà ò sì bi ara mi. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ẹ̀ ni mo fi ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ fún yín báyìí, kẹ́ ẹ̀yin má bàa ṣe é.

Kọ́kọ́ mú orí ọ̀rọ̀ kan, kó sì kéré

Ìwé òwe tó ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo nǹkan, ẹnikẹ́ni kì í kà á tán. Èmi kọ́kọ́ fẹ́ kọ òwe nípa ìgbéyàwó, mo jókòó, mo kọ ọ́, mo rí i pé ìdajì wọn ni wọ́n fi ń bú obìnrin, ìdajì yòókù sì jẹ́ àdúrà, kì í ṣe òwe rárá. Màmá mi ló ní kí n wo ohun tó máa ń da ilé àwọn tọkọtaya rú gan-an, ó ní kì í ṣe owó, ẹnu ni. Bí mo ṣe mú ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn: bí a ṣe ń sọ ọ́, bí a ṣe ń gbé e mì, bí ó ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ àti bí ó ṣe ń parí ẹ̀. Tí ẹ bá mú orí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè rí òwe tó ju mẹ́wàá lé lórí, ó ti kéré jù. Tí ẹ bá rí ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ méjì, ó ti fẹ̀ jù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Èmi kó bí ogójì jọ, méjìlélógún ló wọ ìwé.

Kíkó òwe jọ: bébà pélébé, òwe kan lórí ọ̀kan

Ẹ má kọ wọ́n tẹ̀lé ara wọn sínú ìwé àjákọ bíi pé ẹ ń kọ nọ́ḿbà fóònù. Ẹ gé bébà sí pélébé-pélébé, òwe kan lórí ẹyọ kan, torí ẹ máa tò wọ́n, ẹ máa tú wọn ká, ẹ máa tún wọn tò lórí ẹní tàbí tábìlì, fóònù ò lè ṣe ìyẹn fún yín bí ọwọ́ ṣe lè ṣe é. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, mo kọ òwe náà tán pátápátá pẹ̀lú ìdajì ẹ̀ kejì, mo kọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ (Ìyàrá, Kàbà, Ìsánlú, Mọ́pà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), mo sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni náà pa á. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni mi ò sì kọ sórí èyí tó pọ̀ nínú wọn níbẹ̀rẹ̀, mo tún padà lọ bi àwọn èèyàn léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bi wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìwé àjákọ àtijọ́ kan wà nínú ilé yín tí bàbá àgbà kọ òwe sí, ìyẹn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àkọtọ́ ayé wọn yàtọ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1974 tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, “enia” ni wọ́n ń kọ fún èèyàn, “aiye” fún ayé. Ẹ kọ ọ́ sí tòde òní nínú ìwé yín, kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba, kó má di pé ojú ewé kan ń sọ “enia,” èkejì ń sọ “ènìyàn.”

Èdè ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ti Ìjùmú, ọkọ ti Yàgbà, ẹnu wọn ò dọ́gba, àwọn àgbà níhà méjèèjì sì ń pa òwe bí ẹnu wọn ṣe rí. Mo kọ òwe fúnra ẹ̀ ní Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, kí àlejò láti Ìlọrin tàbí Ìbàdàn lè kà á, mo wá fi ti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà kékeré níbi tó bá ti yàtọ̀ gan-an. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọgbọ́n orí kọ ti ẹnu ìbílẹ̀ o. Ẹ gbà á sórí fóònù, ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe gbọ́ ọ, ẹ sì kà á padà sí etí ẹni tó sọ ọ́ kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Títò wọ́n sí ìpín: ibi tí mo ti ṣi ọ̀nà

Mo kọ́kọ́ to tèmi nípa ọ̀rọ̀ tó wà nínú òwe. Àwọn tó ní “ẹnu” nínú lọ síbì kan, àwọn tó ní “ọ̀rọ̀” lọ síbòmíì, “etí” síbì kan, “ahọ́n” síbì kan, ó dùn mọ́ mi nínú gan-an torí ó yá. Ìwé atúmọ̀ èdè ni ìyẹn wúlò fún. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fi òwe sínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó gbé jáde ní 1852, kó o wá ọ̀rọ̀ kan kó o rí òwe lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn bá iṣẹ́ tirẹ̀ mu. Ẹni tó jókòó lábẹ́ kánópì níbi ìgbéyàwó tó sì ń dúró de ìrẹsì, kò wá ọ̀rọ̀ kankan.

Àbúrò ìyá mi kan ló la ojú mi. Mo tẹ́ àwọn bébà náà sórí ẹní nílé ẹ̀ ní Kàbà, ó mú méjì nínú wọn tó wà ní ẹgbẹ́ “ẹnu.” Èkíní: *Ẹnu ẹyẹ ní ń pẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pòrofó, òrofó bímọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́.* Èkejì: *Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.* Ó ní, “Ìgbà wo la máa ń pa ti ẹyẹ yìí?” Mo ní nígbà téèyàn bá ń fọ́nnu. Ó ní rárá o, kó tó fọ́nnu ni, nígbà tó bá fẹ́ lọ sọ fún ayé pé òun ń kọ́lé, a ó sọ fún un pé rántí òrofó. Ó ní, “Èkejì yìí ńkọ́?” Mo ní ìkan náà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èkejì yìí, wọ́n ti gbá a létí tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ fún un pé ẹnu rẹ ló fà á ni. Ẹnu ló wà nínú méjèèjì ṣùgbọ́n wọn ò gbé àdúgbò kan náà.

Ó yé mi. Ìbéèrè tó ń to ìwé òwe ni: *ìgbà wo la ń pa á, ta là ń pa á fún?* Mo tú gbogbo ẹ̀ ká, mo tún wọn tò lórí ìbéèrè yẹn nìkan, láàárín wákàtí kan ìpín mẹ́rin yọ jáde fúnra wọn, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láyé gan-an:

*Kó tó jáde lẹ́nu*, òwe márùn-ún.
*Ó ti jáde*, òwe márùn-ún.
*Ó ti dìjà*, òwe mẹ́fà.
*Àtúnṣe*, òwe mẹ́fà.

Ti òrofó lọ sí ìpín kìíní, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ìkejì pẹ̀lú *Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá*. *A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́* lọ sí ìkẹta. Ẹnì kan ní kí n yọ ọ́ torí “kóòtù” kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, mo ní ṣé kóòtù ò sí nílùú wa ni? Ó dúró.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpín kan ò dáa: tí ẹ bá lè gbé òwe kan kúrò níbẹ̀ lọ sí ìpín míì tí nǹkan kan ò yí padà, ààlà ìpín yẹn ò tíì mọ́. Tí ìpín kan bá sì ní òwe méjì péré, kì í ṣe ìpín, ẹ wá ilé míì fún wọn. Àmọ́ ẹ má fipá mú kí gbogbo ìpín dọ́gba, kí ẹ wá máa wá òwe tí kò lágbára láti fi dí àlàfo. Òwe tí ẹ fi dí àlàfo máa ń hàn.

Òwe tó ń ta ko ara wọn, ẹ má sá fún un

Nínú ìpín kìíní mo ní *Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ò kún agbọ̀n*, tó ń sọ pé kéèyàn panu mọ́. Mo sì tún ní *Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́*, tó ń sọ pé kéèyàn la ẹnu. Mo fẹ́ yọ ìkejì kí ìwé náà lè sọ ohun kan ṣoṣo, àbúrò ìyá mi yìí kan náà fárígá. Ó ní tí a bá kọ ìwé fún ìyàwó tuntun tó jẹ́ pé dákẹ́, dákẹ́, dákẹ́ ló kún inú ẹ̀, a ti fi ìwé dì í lẹ́nu. Òótọ́ ni. Mo wá fi wọ́n kojú ara wọn, ọ̀kan lójú ewé ọwọ́ òsì, ìkejì lójú ewé ọwọ́ ọ̀tún, kí ojú rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàyé abẹ́ wọn ni mo wá fi pààlà: ti agbọ̀n wà fún ẹni tó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó tún fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ti ẹni tó dákẹ́ wà fún ẹni tí nǹkan ń dùn tí ò tíì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun mìíràn ni òwe kan tí ẹnu méjì ń pa lọ́nà méjì. Ẹnì kan sọ fún mi pé *Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́*, ẹlòmíì ní *Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó*. Òwe kan ni, ẹ má kà á sí méjì. Ẹ mú èyí tó dùn jù létí, ẹ fi ìkejì sábẹ́ ẹ̀ pé “àwọn míì a máa pa á báyìí.”

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òwe gidi ni wọ́n, wọ́n sì bá orí ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n wọn ò bá ọjọ́ náà mu. *Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè*, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo yọ ọ́, torí níbi táwọn ìyá méjì ti jókòó tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, ọ̀kan nínú wọn máa rò pé òun là ń bá wí. Ẹ fún ẹnì kan láti ìdílé kejì ní àwọn bébà yẹn kó wò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ló wo tiwa, ó yọ ọ̀kan tí mi ò rò pé ó ní wàhálà kankan. Kò sọ ìdí ẹ̀ fún mi, mi ò sì bi í.

Àlàyé kúkúrú: ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò gbọdọ̀ jùyẹn lọ

Níbí ni iṣẹ́ wà. Àwọn èèyàn máa ń kọ “Òwe yìí túmọ̀ sí pé ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa,” tí ẹ bá sì kọ ọ́ sábẹ́ òwe mẹ́wàá, ó máa bá gbogbo wọn mu. Ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ka Yorùbá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òwe nípa ẹnu ń sọ pé ká ṣọ́ ẹnu.

Ohun mẹ́ta ni mo ń wá nínú àlàyé kọ̀ọ̀kan, mi ò sì kọ wọ́n bíi nọ́ḿbà, mo kàn jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn: nǹkan tí òwe náà ń fi hàn wá gan-an (ẹyẹ wo, igi wo, iṣẹ́ wo), ìgbà tí wọ́n ń pa á, àti ẹni tí kò yẹ ká pa á fún. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣe. Òwe náà ni *Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó*. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

*Òwe yìí ń kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ rere máa ń mú ohun rere wá, ọ̀rọ̀ búburú sì máa ń mú ohun búburú wá. Nítorí náà ó yẹ ká máa sọ ọ̀rọ̀ rere nígbà gbogbo.*

Ẹ wò ó. Òwe náà ti sọ gbogbo ìyẹn fúnra ẹ̀, ó tiẹ̀ sọ ọ́ dáa jù mí lọ. Ohun tó wà nínú ìwé báyìí:

*Èèyàn kan náà ni, ọwọ́ kan náà. Àpò tí obì wà wà lọ́rùn ẹ̀, apó tí ọfà wà wà lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa pinnu èyí tí ọwọ́ ẹ̀ máa lọ. A máa ń pa á fún ẹni tó ń ráhùn pé wọ́n dá òun lóhùn burúkú, nígbà tó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹ má pa á fún ẹni tí wọ́n ti ta lọ́fà láìsọ nǹkan kan.*

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹni tí kò yẹ ká pa á fún, òun làwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jù lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bàbá kan tiẹ̀ jókòó tì mí tó ń bá mi jiyàn lórí ti kóòtù, inú mi dùn.

Tí ẹ ò bá mọ nǹkan tí òwe ń fi hàn, ẹ béèrè, ẹ má méfò. Èmi ò mọ òrofó. Mo rò pé ẹyẹ kan lásán ni. Ọdẹ kan ló sọ fún mi pé ẹyẹ bí àdàbà ni, aláwọ̀ ewé, tó máa ń jẹ èso lórí igi, àwọ̀ ẹ̀ bá ti ewé mu débi pé o lè dúró lábẹ́ igi kó o má rí i, àfi tó bá dún. Ẹ rí i pé òwe náà wá tún dùn sí i! Ẹyẹ tí Ọlọ́run ti fi pamọ́ tán, ẹnu ẹ̀ ló fi í hàn. Gbólóhùn kan yẹn ni mo fi ṣe gbogbo àlàyé ẹ̀.

Ẹ ka àlàyé kọ̀ọ̀kan sókè. Ibi tí èémí yín bá ti tán kí gbólóhùn tó tán, ẹ gé e.

Nígbà tí àlàyé bá tán, ẹ wá pinnu òwe tó máa ṣíwájú ìpín kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni mo fi ń ṣíwájú, kí ẹni tó ń kà á lè wọlé láìkọsẹ̀, mo wá fi èyí tí wọn ò gbọ́ rí sí àárín. Lókè ìpín, ìlà méjì péré tó ń sọ ìgbà tí a wà: “Ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú ikùn, kò tíì dé ètè.” Ó tó. Mi ò fi *Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀* ṣíwájú ìwé, torí gbogbo ìwé òwe ló fi ń ṣíwájú. *Tótó, ó ṣe bí òwe o* ni mo fi sí ojú ewé àkọ́kọ́, torí ọmọdé ni mí lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó máa gbà á, kò sì sí bí mo ṣe máa pa òwe méjìlélógún níwájú àgbà láìtọrọ àyè. Lẹ́yìn ìwé mo kọ ìdáhùn wọn síbẹ̀: *Wà á rí òmíràn pa.*

Ojú ewé

Bébà A4 tí a ṣẹ́ po sí méjì ló ń di ìwé A5, bébà kan á fún yín ní ojú ewé mẹ́rin. Torí náà iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, ogún. Mẹ́rìndínlógún ni tèmi, bébà mẹ́rin, èèpo ẹ̀yìn lọ́tọ̀ lórí bébà tó nípọn. Òwe méjì lójú ewé kan, òwe fúnra ẹ̀ ní lẹ́tà títóbi, àlàyé ní lẹ́tà tó kéré díẹ̀. Òwe méjìlélógún gba ojú ewé mọ́kànlá, ojú ewé 3 sí 13. Orúkọ ìwé wà ní 1, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ní 2, àtòjọ àwọn òwe ní a-b-d wà ní 14 fún ẹni tó bá fẹ́ wá ọ̀kan kíákíá, 15 àti 16 ṣófo pẹ̀lú ìlà kí àlejò lè kọ tirẹ̀. Tí ẹ bá ń lo Word, ẹ lọ sí `Layout` > `Margins` > `Custom Margins`, níbi `Multiple pages` ẹ mú `Book fold`, ó máa to ojú ewé fún yín, kí ojú ewé 16 àti 1 wà lórí bébà kan náà, 2 àti 15 lẹ́yìn ẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì sí láàárín, àárín yẹn ló máa ń ṣí sí fúnra ẹ̀ tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, tiwa sì jẹ́ ojú ewé 8 àti 9. Ìpín ìjà ló bọ́ síbẹ̀. Mo gbé èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún màmá mi, ó ṣí, ohun tó kọ́kọ́ rí ni *Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni*. Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé ìgbéyàwó là ń ṣe ni àbí ẹjọ́?” Mo yára pààrọ̀ wọn: *Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n á sì parí ẹ̀* ló wà ní 8 báyìí, *Bí a ti ń jà, bí í ká kú kọ́* ní 9, ti agbẹ́jọ́ lọ sí 10. Ìpín ò yí padà, ìgbà tí wọ́n ń pa wọ́n ò yí padà, ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ló yí padà.

Àmì ohùn àti ilé ìtẹ̀wé

Ẹ padà wo òwe obì àti ọfà yẹn. *Àpò* ni obì wà, *apó* ni ọfà wà. Tí àmì bá já bọ́ lára wọn, àpò méjì ló máa kù, òwe ti kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn: mo fi fáìlì Word ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan, kọ̀ǹpútà wọn ò ní irú lẹ́tà tí mo lò, ó fi tiẹ̀ pààrọ̀, àwọn ọ̀ àti ẹ́ di àpótí kékeré onígun mẹ́rin, àmì míì fò kúrò lórí lẹ́tà ẹ̀ lọ jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó tò ó wá “tún un ṣe” fún mi, ó yọ gbogbo àmì kúrò. Inú ẹ̀ dùn pé òun ràn mí lọ́wọ́.

Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀ tó ní àmì lókè àti àmì lábẹ́ kì í ṣe lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà, ó máa ń jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú àmì tí a gbé lé e, irú lẹ́tà tí wọn ò ṣe fún èdè wa ò sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. Mo yí i sí `Charis SIL`, ọ̀fẹ́ ni, ó gbé àmì wa dáadáa, `Noto Serif` náà ṣe é. Lẹ́yìn náà ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ má fi Word ránṣẹ́, torí PDF máa ń gbé irú lẹ́tà yẹn dání lọ. Kí wọ́n tó tẹ gbogbo ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé kan ṣoṣo, èyí tí “ẹ̀rẹ̀kẹ́” wà nínú ẹ̀, ẹ sì fi ìka tọ́ ọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ìyẹn bá yè, ìyókù máa yè.

Ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ wá ẹni tí kò mọ ìwé náà rí láti kà á sókè fún yín nígbà tẹ́yin ń wo tiyín. Ojú ẹni tó kọ ọ́ máa ń rí ohun tó fẹ́ kọ. Mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní JSS3 ló rí i pé mo kọ “òrofó” sí “òròfó” nínú àtòjọ.

Igba ìwé la tẹ̀, ó ku bí ogún lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn kan fi tiwọn sílẹ̀ lórí tábìlì, mo kó wọn, mo rí i pé mẹ́ta nínú wọn ní òwe tí wọ́n fi bírò kọ sí ojú ewé 15. Ọ̀kan ni *Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́*, tí mi ò mọ bí mo ṣe gbàgbé ẹ̀, ìpín ìkejì ló máa lọ. Tí a bá tún un tẹ̀, mi ò ní lè fi ojú ewé kan kún un, mẹ́rin ni, nítorí náà òwe mẹ́jọ ni mò ń wá báyìí, mo ti ní mẹ́ta.